Akọ Òkúta Kan Náà Lábẹ́ Òfurufú Mẹ́ta: Ọ̀rọ̀ lórí Bí Àpáta Ṣe Ń Fọ́ àti Bí Ó Ṣe Ń Jẹrà

Nígbà tí àwọn àgbà wa bá ń wúre fún ènìyàn, òkúta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kì í kú, tí kì í sì í ṣàìsàn. N kò bá ìwúre jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga ní Abẹ́òkúta léèrè, ohun mìíràn ni yóò sọ fún yín. Yóò sọ pé òun ti fi ọkọ́ gé òkúta rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gé iṣu sísè.

Mo fi ojú ara mi rí i nígbà tí a ń gbẹ́ kànga sí àgbàlá ilé mi ní ìlú náà. Erùpẹ̀ kíkúnná ni a kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn èyí ni a kan òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí, lẹ́yìn yangí amọ̀ pupa, lẹ́yìn amọ̀ pupa amọ̀ tí ó pọ́n níhìn-ín tí ó sì funfun lọ́hùn-ún. Nígbà tí ihò náà jìn tó nǹkan bí mítà 9, agbẹ́kànga fi garawa fa ohun kan jáde tí mo pè ní òkúta nígbà tí mo wò ó lókèèrè. Àwọn ẹyọ funfun ńláńlá tí a ń rí lára àpáta ìlú wa wà nínú rẹ̀, igun wọn sì pé. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn ẹyọ funfun náà ti di ẹfun. Òkúta náà ti jẹrà pátápátá lójú ibi tí ó wà, síbẹ̀ kò yí ìrísí rẹ̀ padà.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dàrú, ẹ jẹ́ kí a ya ìbàjẹ́ òkúta sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọ̀gbàrá. Ọ̀gbàrá, afẹ́fẹ́ àti odò a máa kó ohun tí ó ti bàjẹ́ lọ; ohun tí mo ń sọ nípa rẹ̀ lónìí ni bí òkúta ṣe ń bàjẹ́ níbi tí ó gbé wà, kí ohunkóhun tó gbé e lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó ń gbà bàjẹ́. Èkíní ni ìfọ́, níbi tí agbára kan ti ń ya òkúta sí wẹ́wẹ́ láìyí ohun tí a fi dá a padà. Èérún akọ òkúta tí ó fọ́, akọ òkúta ni síbẹ̀. Èkejì ni ìjẹrà, níbi tí omi àti ohun tí ó yọ́ sínú omi ti ń sọ èròjà inú òkúta di nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí, bí i gbòǹgbò igi, ikán, ekòlò, àti àwọn ohun tíńtìntín tí ojú lásán kò lè rí. Èrò tèmi ni pé ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe agbára kan lọ́tọ̀. Ọwọ́ tí ó ń ti àwọn méjì ìṣáájú lẹ́yìn ni. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ yóò hàn láìpẹ́.

Àwọn ìwé a máa fi tábìlì ṣàlàyé irú ojú ọjọ́ tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Mo yàn láti gba ọ̀nà mìíràn. Èmi yóò mú irú òkúta kan ṣoṣo, akọ òkúta, èmi yóò sì wò ó ní ìlú mẹ́ta: Áswánì ní Íjíbítì, Niú Yọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, àti Abẹ́òkúta. N kò ṣèèṣì yan àwọn ìlú wọ̀nyí. Ooru Áswánì àti ti Abẹ́òkúta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí a bá pín ooru ọdún kan káàkiri: nǹkan bí ìwọ̀n 27 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n òjò Áswánì lọ́dún kò tó mílímítà díẹ̀, nígbà tí ti Abẹ́òkúta tó nǹkan bí 1,200. Òjò àti yìnyín tí ó ń bọ́ ní Niú Yọ́ọ̀kì náà tó nǹkan bí 1,200 mílímítà, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 13 lọ, omi a sì máa dì níbẹ̀ nígbà òtútù. Nítorí náà, bí a bá fi Abẹ́òkúta wé Áswánì, ohun tí omi ń ṣe ni a ń wò. Bí a bá fi í wé Niú Yọ́ọ̀kì, ohun tí ooru ń ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní Áswánì. Ibẹ̀ ni àwọn Fáráò ti ń gbẹ́ akọ òkúta pupa tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀wọ̀n. Ọ̀wọ̀n ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọn kò gbẹ́ tán nítorí pé ó sán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó lé ní ọdún 3,000 tí wọ́n ti fi í sílẹ̀, síbẹ̀ ojú ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lù pẹ̀lú òkúta líle ṣì hàn kedere títí di òní. Èyí yẹ kí ó ya ẹni tí ó bá ka ìwé àtijọ́ lẹ́nu, nítorí pé ohun tí àwọn ìwé náà kọ́ wa ni pé oòrùn aginjù a máa mú òkúta wú lọ́sàn-án, òtútù òru a sì máa mú un sún kì, títí yóò fi fọ́.

Ní ọdún 1936, David Griggs ní Yunifásítì Háfáàdì dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ó mú òkúta akọ kékeré kan tí ó ti dán, ó ń mú un gbóná, ó sì ń mú un tutù, ìyàtọ̀ ìwọ̀n 110 láàárín gbígbóná àti títutù, ìgbà 89,400. Bí a bá ka ìgbà kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ kan, ó jẹ́ ọdún 244. Nígbà tí ó fi awò amúǹkan-tóbi wo òkúta náà, kò rí àpá kankan. Lẹ́yìn náà ni ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n omi ni ó fi ń mú un tutù lọ́tẹ̀ yìí. Kí ó tó ṣe iye ìgbà tí ó dọ́gba pẹ̀lú ọdún méjì àbọ̀, ojú òkúta náà ti ṣú, ó sì ti ń sán. Kí Griggs tó ṣe èyí ni Donald Barton ti kọ ọ́ ní 1916 pé lára àwọn ère àti ọ̀wọ̀n Íjíbítì, ìhà tí ó wà lábẹ́ òjìji àti ìsàlẹ̀ tí ó sún mọ́ ilẹ̀ tútù ni ó bàjẹ́ jù, kì í ṣe ìhà tí oòrùn ń pa.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé oòrùn kò lè ṣe nǹkan kan. Òkúta Griggs kéré, kò sí nǹkan tí ó há a mọ́, àti pé ìṣẹ́jú 15 péré ni ìgbà kọ̀ọ̀kan gbà. Láìpẹ́ yìí, Martha Eppes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró mọ́ ara òkúta akọ kan ní Kàrólínà Àríwá, àbájáde wọn sì jáde ní 2016. Wọ́n gbọ́ bí òkúta náà ṣe ń sán nínú, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ń wọ̀ àti nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà lójijì. Àwọn tí ń fọ́ òkúta tà ní ilẹ̀ wa kò nílò ẹ̀rọ láti mọ èyí. Wọn a dáná sórí àpáta, ojú rẹ̀ a gbóná, a wú, inú rẹ̀ kò gbóná, ojú náà a sì bó bí ìpẹ́. Ṣùgbọ́n iná lágbára ju oòrùn lọ fíìfíì. Ohun tí ó tọ́ kí a sọ nípa aginjù ni pé ìfọ́ ni ó borí níbẹ̀, nítorí pé ìjẹrà kò rí omi lò. Síbẹ̀ ìfọ́ náà lọ́ra, omi kékeré tí ìrì àti iyọ̀ bá sì mú wá ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ni yóò mú wa dé Niú Yọ́ọ̀kì. Ọ̀wọ̀n akọ òkúta kan wà ní ọgbà ńlá tí ó wà láàárín ìlú náà. Láti Áswánì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí ọdún 1450 ṣáájú ìbí Kírísítì, ní ìgbà Fáráò Tutimósè Kẹta, wọ́n sì gbé e ró sí Hẹliópólísì. Ó wó lulẹ̀, ó wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí àwọn ará Róòmù tó gbé e lọ sí Alẹkisáńdíríà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1881 ni wọ́n gbé e nàró ní Niú Yọ́ọ̀kì. Kò pé ọdún márùn-ún tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí wọ́n sì ní láti fi oríṣi ìda kan kùn ún ní 1885. Àwọn ìhà kan wà lára rẹ̀ lónìí tí a kò lè ka nǹkan kan mọ́ lójú wọn.

Ìtàn yìí kún inú ìwé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n sì fi ń kọ́ni ni pé òtútù Niú Yọ́ọ̀kì ti ṣe ní ọdún díẹ̀ ohun tí Íjíbítì kò lè ṣe ní ọdún 3,000. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n Erhard Winkler fi hàn ní 1965 pé kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ọ̀wọ̀n náà wà nílẹ̀ ní Íjíbítì, omi ilẹ̀ tí ó ní iyọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ti gbẹ, iyọ̀ náà sùn sínú òkúta. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin, iyọ̀ fa omi mọ́ra, ó wú, ó sì ń ti ojú òkúta síta. Nítorí náà, àrùn tí ọ̀wọ̀n náà ti gbé wá láti ilé ni Niú Yọ́ọ̀kì jí dìde. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀n kan ṣe òṣùwọ̀n ojú ọjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀wọ̀n náà sùn sí.

Síbẹ̀, agbára omi dídì kì í ṣe àròsọ. Bí omi bá di yìnyín, ó ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 tóbi sí i. Bí ó bá há sínú pàlàpálá òkúta, ó di dandan kí òkúta yà fún un. A ti wá mọ̀ báyìí pé èyí nìkan kọ́. Yìnyín tí ó bẹ̀rẹ̀ sínú òkúta a máa fa omi láti àyíká wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, a sì máa dàgbà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ki èèkàn bọ inú igi. Iṣẹ́ yìí dára jù nígbà tí òkúta bá wà láàárín ìwọ̀n 3 sí 8 nísàlẹ̀ òdo, tí omi sì wà nítòsí. Bí òtútù bá mú jù, omi kò ní rìn mọ́, iṣẹ́ náà yóò sì dáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe ibi tí ó tutù jù láyé ni òkúta ti ń fọ́ jù, bí kò ṣe àwọn òkè gíga àti ilẹ̀ olótùútù tí omi pọ̀ sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Omi kì í dì ní Abẹ́òkúta. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé òjò a gba inú ilẹ̀ kọjá kí ó tó kan àpáta, ibi tí ó ń gbà kọjá yìí sì ni àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí ti wọ inú ọ̀ràn. Gbòǹgbò igi ń mí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ewé jíjẹrà náà ń mí. Gáàsì kan náà tí àwa ń mí síta ni wọ́n ń mí sínú ilẹ̀, ó sì lè pọ̀ níbẹ̀ ní ìlọ́po 10 títí dé 100 ju bí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ó ń yọ́ sínú omi, omi náà a sì di ásíìdì díẹ̀. Ásíìdì tí kò lágbára tó èyí tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ yìí ni ó pa òkúta ilé mi. Ìdí tí mo fi sọ pé ẹ̀dá abẹ̀mí kì í ṣe agbára kan lọ́tọ̀ nìyẹn: àwọn ni wọ́n ń ro oògùn, ìjẹrà ni ó ń lò ó.

Èròjà mẹ́ta pàtàkì ni ó wà nínú akọ òkúta: fẹ́lísípà tí ó funfun tàbí tí ó pọ́n, máíkà dúdú tí ń dán, àti kúótísì tí ó dà bí èérún ìgò. Omi kò lè ṣe nǹkan púpọ̀ sí kúótísì. Òun ni ó ń di yanrìn. Máíkà dúdú ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, irin inú rẹ̀ a dípẹtà, èyí ni ó sì ń sọ ilẹ̀ wa di pupa. Ọ̀rọ̀ fẹ́lísípà ni a lè kọ sílẹ̀ báyìí:

2KAlSi₃O₈ + 2H₂CO₃ + 9H₂O → Al₂Si₂O₅(OH)₄ + 4H₄SiO₄ + 2K⁺ + 2HCO₃⁻

Ohun tí ó wà lápá òsì ni fẹ́lísípà, ásíìdì inú ilẹ̀ àti omi. Lápá ọ̀tún, ohun àkọ́kọ́ ni ẹfun, tí ó dúró sójú kan. Gbogbo ìyókù ti yọ́ sínú omi, wọ́n sì ń bá a lọ sínú odò. Òjò púpọ̀ ṣe kókó nítorí pé bí omi kò bá kó àwọn tí ó yọ́ wọ̀nyí lọ, iṣẹ́ náà yóò dúró. Ooru ṣe kókó nítorí pé bí ó bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, irú iṣẹ́ báyìí a máa yára ní ìlọ́po 2 tàbí 3. Abẹ́òkúta fi nǹkan bí ìwọ̀n 14 gbóná ju Niú Yọ́ọ̀kì lọ. Pẹ̀lú òjò kan náà, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye tí omi ti kó lọ, ó lè wọ̀n ọ́n. Kí ó gé òkúta jíjẹrà náà ní ìgun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 20 ní òòró, ní ìbú àti ní gíga, kí ó sá a gbẹ. Akọ òkúta tí kò tíì bàjẹ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀ yóò wọ̀n tó kílógíráàmù 21. Bí ti jíjẹrà bá wọ̀n 13, a jẹ́ pé kílógíráàmù 8 ti bá omi lọ láìjẹ́ pé òkúta náà sún kì. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kò sún kì? Ilà kúótísì tí ó la àpáta kọjá ṣì wà nínú èyí tí ó jẹrà, ó tọ́ gbọọrọ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kò wọ́. Bí ilẹ̀ náà bá ti sún kì ni, ìbá ti wọ́ tàbí kí ó ti ṣẹ́.

Lórí ohun tí ó wà lókè yangí, iṣẹ́ àwọn ẹ̀dá náà yàtọ̀. P. H. Nye, tí ó ṣe ìwádìí ilẹ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950, ṣàkíyèsí pé ekòlò àti ikán a máa gbé erùpẹ̀ kíkúnná wá sókè, wọn a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ tí wọn kò lè gbé sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ìpele erùpẹ̀ dáradára tí àgbẹ̀ ń ro, tí òkúta wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ wọn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí ní ibi ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti sọ tẹ́lẹ̀: bí òkúta bá ń jẹrà tó báyìí ní ilẹ̀ wa, kí ni ó dé tí Olúmọ fi dúró? Kí ni ó dé tí òkè Ìdànrè fi ga tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn náà ni pé àpáta tí ó wà níta ń gbé ní aginjù, bí ó tilẹ̀ wà láàárín igbó. Bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi a ṣàn kúrò, nígbà tí yóò sì fi tó wákàtí kan tí oòrùn yọ, ó ti gbẹ. Àpáta tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kì í gbẹ láti ọdún dé ọdún. J. D. Falconer ti kọ ọ́ ní 1911, nígbà tí ó ṣe ìwádìí ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà, pé ìjẹrà ti kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, ó jìn níbi tí pàlàpálá pọ̀ sí, kò jìn níbi tí òkúta ti dì pọ̀; lẹ́yìn èyí ni ọ̀gbàrá kó èyí tí ó jẹrà lọ, tí èyí tí kò jẹrà sì yọ jáde. Bí òkè kan bá ti yọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ omi ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni omi ń jẹ. Àwọn ìpẹ́ ńláńlá tí ń bó lára irú òkè bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ojú ọjọ́ rárá: ẹrù tí ó wà lórí òkúta náà tẹ́lẹ̀ ni ó kúrò, tí ó fi wú tí ó sì là. Dúdú tí ẹ sì ń rí lára àpáta kì í ṣe àwọ̀ òkúta, ohun abẹ̀mí tíńtìntín ni wọ́n, tí wọ́n ń jí nígbà tí òjò bá rọ̀.

Nítorí ìdí yìí ni n kò fi gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tí Louis Peltier yà ní 1950 ju bí ó ti yẹ lọ, bí ó tilẹ̀ wúlò. Ó fi ìpíndọ́gba ooru àti òjò ọdún ya ayé sí ẹkùn: ibi tí ó gbóná tí ó sì tutù fún omi, ìjẹrà, ibi tí omi ti ń dì tí ó sì ń yọ́, ìfọ́, ibi gbígbẹ, díẹ̀ nínú méjèèjì. Lójú àwòrán náà, orí Olúmọ àti ìsàlẹ̀ kànga mi wà ní ẹkùn kan náà. Ṣùgbọ́n òkúta kò mọ ìpíndọ́gba. Omi tí ó kàn án ni ó mọ̀.

Ó kù kí n sọ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀, nítorí pé àìmọ̀ ọ́n ná mi lówó. Òkúta tí ó fọ́ lásán, ẹnu rẹ̀ mú, fẹ́lísípà rẹ̀ ń dán, bí a bá fi òòlù lù ú yóò dún gooro. Èyí tí ó ti ń jẹrà, fẹ́lísípà rẹ̀ ti ṣú bí ìyẹ̀fun, èékánná lè họ ọ́, ìró rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n láàárín ilẹ̀ jíjẹrà, a máa ń bá òkúta roboto tí inú rẹ̀ le koko. Ìjẹrà ń jẹ ojú òkúta láti ìhà kan, ó ń jẹ etí rẹ̀ láti ìhà méjì, ó ń jẹ igun rẹ̀ láti ìhà mẹ́ta. Igun a tètè lọ, ohun tí ó sì ṣẹ́kù ní àárín a di roboto, pẹ̀lú èèpo jíjẹrà yí i ká bí ti àlùbọ́sà.

Ọ̀kan nínú irú wọn ni àwọn bíríkìlà kàn nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé mi. Wọ́n lù ú, ó dún gooro, wọ́n ní a ti dé orí àpáta, a sì gbé igun ilé lé e. Igun kejì wà lórí amọ̀. Kí òjò ọdún kẹta tó dá, ògiri ti là láti fèrèsé dé ilẹ̀, nítorí pé amọ̀ rọ̀ òkúta kò rọ̀. Agbẹ́kànga tí ó wá lẹ́yìn náà kò fi òòlù dán an wò. Ó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta náà wò bóyá ó ń tẹ̀ wọnú lọ sísàlẹ̀, ó wo èèpo rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó gbá ọ̀pá irin sínú ilẹ̀ ní ojú mẹ́rin yí i ká. Ọ̀pá náà wọlé ju mítà kan lọ ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.